Ìbéèrè Kan Lójúmọ́: Bí A Ṣe Fi Ọjọ́ Márùn-ún Gbé Ìpara Tuntun Jáde n'Íbàdàn

Nígbà àkọ́kọ́ tí èmi àti àbúrò mi gbé òrí tí a lù jáde, àárọ̀ Sátidé kan ṣoṣo la fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. A kó fọ́tò, iye owó, èròjà, bí wọ́n ṣe ń lò ó àti nọ́ńbà àkántì sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó di ọ̀sán, fóònù ti gbóná. Ẹnì kan ń béèrè bóyá ó ń bóra, òmíràn ń béèrè bóyá ọmọ ọwọ́ lè lò ó, ẹnì kẹta ti sanwó láì sọ ibi tó ń gbé. Ike 11 péré la ní nílé, mo sì ta èyí tó gbẹ̀yìn fún èèyàn méjì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, sítátọ́ọ̀sì ti ń parẹ́ níkọ̀ọ̀kan, torí wákàtí 24 náà ni WhatsApp ń fún un, kò sì sí nǹkan tuntun tó kù lẹ́nu wa.

Lẹ́ẹ̀kejì, a pín in sí ọjọ́ márùn-ún. Ohun tí a fi pín in kò le: kí ẹni tí kò mọ̀ yín rí tó san owó ìpara, ìbéèrè márùn-ún ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde. Ṣé èmi ni wọ́n ṣe é fún? Kí ló wà nínú ẹ̀? Ṣé kò ní ba ara mi jẹ́? Ta ló ti lò ó? Èló ni, báwo ló ṣe máa dé ọ̀dọ̀ mi? Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan dáhùn ọ̀kan, kò sì tẹ ti ọjọ́ kejì lójú. Ohun mẹ́ta la gbé jáde lọ́tẹ̀ yìí: òrí tí a lù títí tó fi rí fúkẹ́fúkẹ́, ọṣẹ dúdú, àti epo ara tí a fi òróró àgbọn ṣe. Òun ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí Ajé tó mọ́

NAFDAC ló ṣáájú. Òfin wọn kò sọ pé títà nìkan ni ó ń béèrè ìforúkọsílẹ̀. Pípolówó náà wà nínú ẹ̀. Nítorí náà, pósítì ọjọ́ Ajé yín jẹ́ ìpolówó, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ parí èyí ná. Kí lébẹ̀lì ní orúkọ ọjà, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, èròjà, ìwọ̀n, ọjọ́ tí a ṣe é, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán, nọ́ńbà ìpele tí a ṣe é sí àti nọ́ńbà NAFDAC.

Èkejì, ẹ pín díẹ̀ fún àwọn èèyàn kí wọ́n lò ó, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Àwa fún èèyàn mẹ́jọ: aládùúgbò, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Agbowó, ìyá kan tó ń ta ata ní Bódìjà tí oòrùn ń nà látàárọ̀ dalẹ́, àti àwọn mìíràn. Bí ẹ bá pín in ní ọjọ́ mẹ́ta péré ṣáájú, kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan gidi sọ ní Ọjọ́bọ̀ ju "ó ń ta sánsán" lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka ọjà yín, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Òrí 30, ọṣẹ 20, epo 10 la ní. Ìwé kan ṣoṣo, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fàlà sí i nígbà tí ọjà bá lọ. Àbúrò mi ni, torí èmi ni mo ta ike kan fún èèyàn méjì lọ́jọ́sí.

Ẹ ya gbogbo fọ́tò lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ márààrún sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Ẹ gbé ike sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ẹ gbé páálí funfun dúró ní òdìkejì fèrèsé náà kó lè da ìmọ́lẹ̀ padà sára ike. Ìyẹn tó. Ẹ má fi ohunkóhun mú àwọ̀ èèyàn mọ́lẹ̀ nínú fọ́tò. Tí ọwọ́ tó ń fi òrí pa bá ti pọ́n ju ti ẹni gidi lọ, àwọn tó ń wá ìpara abóra máa wá, àwọn tó ń sá fún un máa sá.

Ní ti ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa mú, ẹ mú èyí tí owó oṣù bọ́ sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ n'Íbàdàn, ohun tí Sẹkitéríàtì Agódi bá gbà ni ọjà Bódìjà ń ná. Fún òrí, ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, nínú oṣù kọkànlá, ló dára jù.

Ajé: ta ni a ṣe é fún

Lọ́jọ́ yìí, ẹ má sọ orúkọ èròjà kankan. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa ara. Ẹ mú ìṣòro kan ṣoṣo tí ojú ń rí, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Tiwa ni ẹsẹ̀ àbúrò mi gangan ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nígbà ọyẹ́, tó funfun bí ẹni tó rìn kọjá nínú eérú, tí èèyàn lè fi èékánná kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyí:

"Ẹ pa ìpara láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti tán lára. Ṣé ẹ̀yin náà rí bẹ́ẹ̀? Àwa náà rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ṣe nǹkan kan. Kì í bóra, kì í ṣe oògùn. Ara gbígbẹ la ṣe é fún. Lọ́la a ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Jímọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ sí í tà."

Ẹ wo gbólóhùn "kì í ṣe oògùn" yẹn dáadáa. Ìpara tí ẹ bá sọ pé ó ń wo làpálàpá tàbí ìfọ́ ti kúrò ní ìpara lójú NAFDAC, ó ti di oògùn, oògùn sì ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ẹ sọ pé ó ń mú ara rọ̀, ó ń dá ọ̀rá padà sára, kó má gbẹ. Ẹ dúró síbẹ̀.

Àwọn kan máa béèrè iye owó lọ́jọ́ Ajé. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní tààrà. Èmi ò fẹ́ràn "ẹ wá bá mi níkọ̀kọ̀" yẹn rárá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ń rò pé ẹ fẹ́ wo ojú òun kí ẹ tó dá iye lé e.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí ẹ bá ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí WhatsApp, àwọn tó ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù wọn nìkan ló máa rí i. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá dáhùn pósítì ọjọ́ Ajé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi nọ́ńbà yín pamọ́. Iṣẹ́ ọjọ́ náà gan-an nìyẹn, ju ìyìn lọ.

Ìṣẹ́gun: ohun tó wà nínú ike

Ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ibẹ̀ náà lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Fídíò ló yẹ ẹ. Ẹ má ka orúkọ èròjà bí ẹni ń ka lítánì. Ẹ fi ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ hàn. A gbé òrí tútù tó tóbi tó pupa ẹyin sórí àtẹ́lẹwọ́, a sì jẹ́ kí kámẹ́rà wò ó bó ṣe ń yọ́ fúnra rẹ̀. Òrí máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n ìgbóná ara èèyàn, nítorí náà kò pẹ́ rárá. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú fídíò náà. Lẹ́yìn ìyẹn la kọ èròjà náà lẹ́sẹẹsẹ, bó ṣe wà lórí lébẹ̀lì, èyí tó pọ̀ jù ló ṣáájú.

Lẹ́yìn fídíò, ẹ gbé fọ́tò òṣùwọ̀n. Mo ní kí n sọ ìdí rẹ̀. Òrí tí a lù ní afẹ́fẹ́ nínú. Ìyẹn ló mú kó rí fúkẹ́fúkẹ́, tó sì ń tètè tàn lára. Ṣùgbọ́n bí ike náà bá wà nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa ní Ìwó Road, òrí á yọ́, afẹ́fẹ́ á jáde, nígbà tó bá sì dì padà, ike tó kún dé ẹnu tẹ́lẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Oníbàárà wa kan ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà fi afẹ́fẹ́ jẹ mí níyà." Mi ò rí nǹkan fọ̀ fún un, torí a ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé gíráàmù la ń tà, kì í ṣe kíkún ike. Láti ìgbà náà, a máa ń gbé ike òfìfo sórí òṣùwọ̀n, a dá a padà sí òdo, a wá rọ òrí sí i títí yóò fi kọ 200. Fọ́tò nọ́ńbà 200 yẹn wà nínú pósítì Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: "Bó bá yọ́ lọ́nà, á lọ sílẹ̀ nínú ike, ṣùgbọ́n gíráàmù 200 rẹ ṣì pé síbẹ̀."

Ẹ sọ ọ̀kan sí i ṣáájú kí wọ́n tó fi sùn yín. Òrí tó yọ́ tí ó sì dì díẹ̀díẹ̀ máa ń ṣe kókó wínníwínní bíi gàrí lebu. Kò bàjẹ́. Ọ̀rá inú òrí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, èyí tó le nínú wọn ló ń kọ́kọ́ dì tí ó ń gbára jọ bí ìtútù bá falẹ̀. Oníbàárà lè fi omi gbígbóná yí ike ká títí gbogbo rẹ̀ yóò fi yọ́ pátá, kó wá gbé e sínú fíríìjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó lè dì kíákíá. Kókó á lọ. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ń ṣe é, ẹ má jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ lórí tábìlì.

Tí omi bá wà nínú ìpara yín, ọ̀rọ̀ yí padà. Òrí àti òróró lásán kì í tètè hu, torí kò sí omi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá po omi ewé, oje ahọ́n erin tàbí wàrà mọ́ ọn, ó gbọ́dọ̀ ní èròjà tó ń dènà kòkòrò, ní ìwọ̀n tí olùṣe èròjà náà kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fi "kò sí kẹ́míkà kankan nínú rẹ̀" polówó ìpara olómi, ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ló fẹ́ kó lò kó tó hu. Ewu náà wà fún tiwa tí kò lómi pẹ̀lú: ìka tó tutù. Nítorí èyí, a ń fi ṣíbí kékeré onípáálí sínú ìdìpọ̀, a sì ń sọ fún èèyàn kó fi bù ú.

Ọjọ́rú: kó má ba ara jẹ́

Ọjọ́rú ni a fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dán an wò, ó sì ní ìdí tó fi jẹ́ Ọjọ́rú. Ìdánwò náà ń gba wákàtí 24 sí 48. Ẹni tó bá gba èyí tó kéré lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ Ọjọ́rú, tó bá dán an wò lálẹ́, á ti mọ ibi tí ara òun wà nígbà tí ọjà bá ṣí lọ́sàn-án Jímọ̀. A gbé ìdì kékeré 20 kalẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ wa kan ní Mọ́kọ́lá, ẹni tó bá fẹ́ á wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Pósítì náà nìyí:

"Ẹ bu òrí tàbí epo bí hóró ẹ̀wà kan, ẹ fi pa inú ìgbọ̀nwọ́, níbi tí apá ti ń ká. Ẹ má fọ ibẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá ń yún yín, tó pupa, tó wú tàbí tó ń ta yín, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ má rà á. Ẹ sọ fún wa."

Ọṣẹ dúdú kò sí nínú àṣẹ yìí o. Eérú la fi ṣe é, ó lágbára, ọṣẹ tí a bá fi sílẹ̀ lára lè jó awọ ara ẹni tí nǹkan kan ò ṣe tẹ́lẹ̀. Tirẹ̀, kí wọ́n fi omi pò ó kó hó, kí wọ́n fi fọ apá kékeré kan bíi ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n ṣàn án dáadáa, kí wọ́n wá wo ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí a kọ́kọ́ kọ pósítì yìí, a fi ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ àṣẹ kan náà. Ọmọ ilé ìwé kan fi ọṣẹ sùn mọ́jú, inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì pọ́n bí ata. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ sọ ẹni tí kò yẹ kó rà á pẹ̀lú. Òróró àgbọn máa ń dí ihò awọ ojú ẹlòmíràn, pàápàá ẹni tí ìrorẹ́ ń yọ lójú. A kọ ọ́ gbangba: epo yìí, ara ni, kì í ṣe ojú. Ọjà díẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa látàrí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó padà wá pẹ̀lú ojú wíwú.

Ọjọ́bọ̀: ẹnu ẹni tó ti lò ó

Èyí kò gùn. Nínú èèyàn mẹ́jọ, ẹ mú mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn ní ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí ojú wọn hàn. Ìyá aláta wa kò fẹ́ kí ojú òun hàn, a ya ọwọ́ rẹ̀ lórí agbọ̀n tàtàṣé. Ohun tó sọ ni pé: "Òrí yín dáa o, àmọ́ bí mo bá pa á láàárọ̀ kí n tó wọ̀lú, ekuru Bódìjà ń lẹ̀ mọ́ mi. Alẹ́ ni mo ń pa á báyìí."

Àbúrò mi fẹ́ gé apá "ekuru" kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Òun gan-an ni àwọn èèyàn dáhùn jù lọ́jọ́ náà. Àwọn méjì kọ̀wé pé alẹ́ làwọn náà á máa pa tàwọn.

Ẹ má ṣe fọ́tò "ṣáájú àti lẹ́yìn" bí kì í bá ṣe pé ibi kan náà, aago kan náà àti ìmọ́lẹ̀ kan náà lẹ ti yà wọ́n. Àwọ̀ ara máa ń yàtọ̀ láàárín fèrèsé àti gílóòbù láìsí ìpara kankan.

Jímọ̀: ọjà ṣí

Ìyá wa kò fẹ́ ọjọ́ yìí rárá. Wọ́n ní, "Ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ òwò lọ́jọ́ Ẹtì?" Mo ní ọjọ́ Ajé la ti bẹ̀rẹ̀, Jímọ̀ la kàn ń gbowó. Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n sì fi wá sílẹ̀.

Aago mẹ́ta ọ̀sán la ń ṣí i. Láti bí aago kan, ọ̀pọ̀ èèyàn ìlú yìí wà ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin náà ò sì ní fẹ́ kí pósítì tó ṣe pàtàkì jù dé nígbà tí fóònù wà ní pípa. Fọ́tò gbogbo ọjà lápapọ̀ ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí:

"Ó ti ṣí. Òrí gíráàmù 200, ₦4,000, ó ku 30. Ọṣẹ, ₦2,500, ó ku 20. Epo ara, ₦3,500, ó ku 10. Ẹ kọ orúkọ, ohun tí ẹ fẹ́, àdúgbò àti ibi tí wọ́n mọ̀ jù nítòsí yín. A ó dá yín lóhùn pé ó wà kí ẹ tó sanwó."

Gbólóhùn ìparí yẹn ló gbà wá lọ́wọ́ títa nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Ètò náà rí báyìí: oníbàárà kọ̀wé, àbúrò mi fàlà sí ìwé, èmi wá fi nọ́ńbà àkántì ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá sanwó láàárín wákàtí méjì, a pa àlà rẹ̀ rẹ́. Lórí WhatsApp Business, ẹ lè tọ́jú ìdáhùn sílẹ̀ tí á jáde bí ẹ bá tẹ àmì kan àti orúkọ kúkúrú. Méjì péré la ní:

```
/akanti
/adugbo
```

Ẹ má fi ọjà ránṣẹ́ nítorí fọ́tò aláàtì tí ẹnì kan fi hàn yín. Ẹ ṣí báǹkì yín fúnra yín, kí ẹ rí owó náà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bínú pé ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ rọra ní, "Ẹ má bínú mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe wá." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ n'Íbàdàn láìjà.

Nọ́ńbà tó kù nínú ọjà, ẹ máa sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní aago mẹ́fà, òrí ku 12, a kọ 12. Bí ẹ bá kọ "ó ku 3" láti aago mẹ́rin títí di ọ̀la, ẹnì kan ń kà á.

Sátidé ni gbígbé, ọ̀nà méjì la sì pín in sí, kí ọlọ́kadà má bàa máa sáré yí ìlú ká: Bódìjà, Agbowó, Ọjọ́ọ́, Mọ́níyà láàárọ̀, Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀, Ring Road, Challenge lẹ́yìn náà. Èyí tó ń lọ sí Ọ̀yọ́, a gbé e fún awakọ̀ ní gáréèjì kí aago mẹ́jọ tó lù, kí oòrùn tó mú, a sì bẹ̀ ẹ́ kó má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà mọ́tò àti ti awakọ̀ máa ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà kí mọ́tò tó kúrò.

Òrí 27, ọṣẹ 20 àti epo 4 ló lọ. Epo ni kò tà, a sì mọ ìdí: àwa fúnra wa la ní kí wọ́n má fi pa ojú, fọ́tò ojú rírọ̀ la sì lò fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èyí tó kù, a óò ya ẹsẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́ fún un lọ́tẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ keje lẹ́yìn tí ọjà dé ọwọ́ wọn, a kọ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, láì ta nǹkan kan: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, báwo ni ara?" Obìnrin kan ní Mọ́níyà dá wa lóhùn pé òrí náà wà pa, ọkọ òun ló ń lò ó tán lálaalẹ́, àti pé méjì lòun fẹ́ báyìí.